Lẹ́tà tí a kọ sí bàbá onílé

Àwọn kan nínú ìjọ ń bi wá pé báwo la ṣe kó kúrò nílé tí a háyà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìbá bàbá onílé jà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ògiri yàrá àwọn ọmọ là láti igun fèrèsé, ó sì dagun lọ sí ìsàlẹ̀. A rò pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri lásán ló là, àfìgbà tí a bọ́ síta tí a rí i pé ó yọ sí ẹ̀yìn ògiri. Bíríkìlà kan ní ká fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó là dé, ká kọ déètì sí i. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti kọjá ìlà yẹn dáadáa, ilẹ̀kùn yàrá náà ò sì ṣeé tì mọ́. Bíríkìlà ní ìpìlẹ̀ ló ń rì lápá kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la pe bàbá. Wọ́n rán ẹnì kan wá tó fi sìmẹ́ńtì dí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún là. Àdúrà ò dá o, ṣùgbọ́n abẹ́ ògiri yẹn ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ wa wà. A gbé e kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbínú ló kún inú lẹ́tà tí a kọ́kọ́ kọ. A kà á tán, a fà á ya. Ìkejì rèé:

“Bàbá wa, a kí yín. Láti oṣù kẹrin ni ògiri yàrá kejì ti là, nínú àti níta. A pè yín lóṣù kẹrin, oṣù kẹfà àti oṣù keje. Wọ́n dí i, ó tún là, ó sì ń gùn sí i. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Nítorí náà, a fẹ́ kó jáde ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ká jọ yẹ ilé wò, ká fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́. Owó oṣù mẹ́rin ló kù nínú èyí tí a san. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ iye tí ẹ máa dá padà.”

Ẹ̀dà méjì la tẹ̀. Bàbá fọwọ́ sí ọ̀kan pé àwọn gbà á, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ má gbàgbé o: ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ tó yẹ kó fún onílé, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́tà nìkan ò tú àdéhùn ká kí àsìkò tó pé; onílé gbọ́dọ̀ gbà, tàbí kí ìwé àdéhùn fàyè gbà á. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá kọ̀, lọ́yà la ò bá lọ bá.

Bàbá kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí wọ́n wá, tí wọ́n rí ìlà pẹ́ńsù pẹ̀lú déètì lára ògiri, wọ́n dákẹ́. Wọ́n dá owó oṣù méjì padà. A gbà á, a dúpẹ́, a sì kó lọ.

Ẹ̀yin tí ògiri yín là lónìí, ẹ wá pẹ́ńsù.