Ìlà wo ló sún?

Ká ní ìbéèrè ìdánwò sọ pé kòkòrò ba tòmátò jẹ́ lóko, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 2016, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá fi àwòrán ṣàlàyé ohun tó bá ọjà. Ìlà ìpèsè nìkan ló yẹ kó sún sí apá òsì: owó á gòkè, iye tòmátò tí wọ́n ń rà á sì dínkù. Àmọ́ àwọn kan á tún ti ìlà ìbéèrè sósì, wọ́n á ní ọ̀wọ́n ti lé oníbàárà sá. Mi ò ní fún irú wọn ní máàkì sísún ìlà, torí pé oníbàárà tí owó lé sẹ́yìn ti wà nínú ìrìn láti E1 dé E2 lórí ìlà ìbéèrè kan náà. Tí ìlà méjèèjì bá sún sósì, ó lè jẹ́ pé owó gòkè, ó sì lè jẹ́ pé ó wálẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ọmọ náà ṣáà kọ ọ́ pé owó gòkè. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ ni kò gbè é lẹ́yìn. Ti ìlà tó wọ́ díẹ̀ nítorí àìsí rúlà, ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mi ò lè fojú fò ni orúkọ ìlà òòró àti ti ìbú. Bó bá fi iye ọjà sí òòró, tó fi owó sí ìbú, ìlà ìpèsè tó sún sósì ti ń sọ pé tòmátò pọ̀ sí i. Bí kò bá sì kọ orúkọ kankan, a ò lè mọ èyí tó ń sọ nínú méjèèjì.