Ìlà tí kì í gbọ̀n lójú ìlù, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Awọ tí wọ́n fà le mọ́ ẹnu ìlù róbótó kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo. Bí ọ̀pá bá ti kàn án, oríṣiríṣi ìgbọ̀n ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iye ìgbà tirẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ló ń pa gbogbo wọn pọ̀ tó fi ń gbọ́ wọn bí ohùn kan. Ibi tí awọ ti so mọ́ ẹnu igi kò lè gbọ̀n rárá. Yàtọ̀ sí etí ìlù yìí, àwọn ibòmíràn wà láàárín awọ tí kì í mì nígbà tí ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì ń mì. Ìyẹn ni à ń pè ní ìlà àìgbọ̀n. Oríṣi méjì péré ló wà lójú ìlù róbótó: ìlà gbọọrọ tó gba àárín gùngùn kọjá, àti òbìrípo tó yí àárín ká.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń dárúkọ ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ń ka ìlà gbọọrọ, èkejì ń ka òbìrípo, etí ìlù sì wà nínú òbìrípo tí à ń kà. Nínú (0,1), gbogbo awọ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ pa pọ̀. Nínú (1,1), ìlà kan pín in sí méjì: bí apá kan bá ń gòkè, ìkejì ń sọ̀kalẹ̀. (2,1) ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Nínú (0,2), kò sí ìlà gbọọrọ, ṣùgbọ́n òbìrípo kan wà nínú, àárín rẹ̀ sì ń gòkè nígbà tí ẹ̀bá rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀.

Iye ìgbọ̀n tó kéré jù lọ tẹ̀ lé ìṣirò yìí:

f = (2.405 / 2πa) √(T/σ)

Lẹ́tà a dúró fún ìdajì ìbú ojú ìlù, T fún agbára tí wọ́n fi fa awọ, σ fún ìwúwo awọ lórí ìwọ̀n ojú kan. Ìlù tó fẹ̀ ń dún nísàlẹ̀, awọ tó le ń dún lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn ìlù di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ fa awọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Tí a bá pe iye ìgbọ̀n (0,1) ní 1, ti (1,1) á jẹ́ 1.59, ti (2,1) á jẹ́ 2.14, ti (0,2) á sì jẹ́ 2.30. Okùn gìtá kò rí bẹ́ẹ̀: 1, 2, 3, 4 ni tirẹ̀ ń lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlù kò fi ní ohùn tí ènìyàn lè kọ orin tẹ̀ lé.

Ìpògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìlà wọ̀nyí lójú ìlù eléèkàn kan, olójúkan, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó, ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Bàbá onílù gbà kí n da iyanrìn sí i lójú, ó ní: “Ẹ dà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tutù o. Bí awọ bá fa omi, ohùn rẹ̀ tán nìyẹn.” Òótọ́ ló sọ, nítorí awọ tó tutù ń wúwo sí i, ó sì ń dẹ̀. Ohun méjèèjì ló ń fa ohùn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré ni mo gbé sábẹ́ ìlù, fóònù sì ń fún un ní ohùn kan ṣoṣo tí ènìyàn lè máa gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn kò bá bá ìgbọ̀n kankan mu, iyanrìn kì í ṣe nǹkan kan. Tó bá dé iye (0,1), iyanrìn á máa ta láti àárín lọ sí etí. Lára ìlù tí èyí bá jẹ́ 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣirò ní kí (1,1) dé ní bíi 239, kí (2,1) dé ní 320, kí (0,2) sì dé ní 344. Ohun tí iyanrìn ń ṣe nínú (0,2) ló dùn ún wò jù: ó kóra jọ sí òbìrípo kan tí ìdajì ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 6, nítorí ibi 0.436 ìdajì ìbú ìlù ni ìlà náà máa ń wà. Ìlù gidi kì í bá ìṣirò mu géérégé. Awọ ń ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká bó ṣe ń gbọ̀n, èyí sì ń fa àwọn ìgbọ̀n ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ju ti òkè lọ.

Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ṣe pàtàkì. Tó bá wà lábẹ́ àárín gan-an, àwọn ìgbọ̀n olóbìrípo nìkan ló máa ń jáde dáadáa, nítorí gbogbo ìlà gbọọrọ ló gba àárín kọjá. Ó gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kí (1,1) tó hàn. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì ní ẹyọ. Tí ènìyàn bá lo lẹ́búlẹ́bú tó kúná jù, ibi tí awọ ti ń mì jù ló máa kóra jọ sí, òdìkejì ohun tí à ń wá. Ní 1831 ni Michael Faraday ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó ń yí lórí ojú tó ń gbọ̀n ló ń gbé e lọ síbẹ̀. Ernst Chladni, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1787, ti lo iyanrìn láti fi ìlà àìgbọ̀n hàn lórí irin pẹlẹbẹ ṣáájú.

Ìlà (1,1) náà ló ń tú àṣírí ìlù tí wọn kò fà dọ́gba. Lára awọ tó dọ́gba, ìlà yìí ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ: bí a bá yí ẹ̀rọ ká, ìlà á yí pẹ̀lú rẹ̀. Ti Ìpògùn kò yí. Ó dúró sójú kan, òmíràn tó dábùú rẹ̀ sì hàn nígbà tí ohùn gòkè díẹ̀. Ìgbọ̀n kan ti pín sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, nítorí awọ le ní ọ̀nà kan ju èkejì lọ. Bí a bá lu irú ìlù bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ga ó ń rẹlẹ̀ bí ó ṣe ń kú lọ. Bàbá onílù kò wo iyanrìn. Ó fi ìka ta ẹ̀bá awọ káàkiri, ó gbọ́ ibi tó dẹ̀, ó gbá èèkàn méjì wọlé níbẹ̀, ìwárìrì náà sì lọ.

Oǹdó ni mo gbà lọ láti ibẹ̀, níbi tí àwọn onídùndún ti ń lù níbi ìnáwó kan. Bí oníyàá ìlù bá fún ọ̀sán mọ́ra, gbogbo ìgbọ̀n awọ ló ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà, ìtò wọn kò sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láìdi ohùn ìlù mìíràn.

Gúdúgúdú yàtọ̀. Wọ́n máa ń lẹ ìda mọ́ àárín ojú rẹ̀. Ìwúwo yìí ń fa (0,1) àti (0,2) sílẹ̀, nítorí àárín ni wọ́n ti ń mì jù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan (1,1) àti (2,1), tí àárín wọn kì í gbọ̀n. Bí (0,1) bá lọ sílẹ̀, 1.59 á máa súnmọ́ 2, (0,2) á sì máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí (2,1). C. V. Raman kọ ọ́ ní 1920 pé báyìí ni tabla ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ dúdú sí lójú, ṣe ń ní ohùn tó tò bíi ti okùn. Lára gúdúgúdú, ohun mìíràn tún wà tó ń fa lòdì sí ìda: ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí. Bí gbogbo awọ bá sọ̀kalẹ̀ nínú (0,1), ó ń fún afẹ́fẹ́ inú igi pọ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì tì í padà, èyí tó ń gbé ohùn sókè. Nínú (1,1), apá kan ń gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kàn ń ṣí láti apá kan sí èkejì ni. Bí igi bá ṣe jìn tó nínú ló ń sọ bí ìda tó máa borí rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.