Mo Fagi Lé Ìdáhùn Tó Tọ̀nà

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jẹ̀bi ohunkóhun. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe, òun ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé pélébé kan wà tí mo kọ fúnra mi, tí mo máa ń ṣe fọtokọ́pì rẹ̀ fún wọn. Ojú ìwé kan níbẹ̀ dá lórí ohun tó máa ń da àwọn ọmọ láàmú: bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tẹ̀ léra nínú gbólóhùn, ṣé “to” ni ká fi ṣáájú èkejì ni, àbí “-ing” ni ká so mọ́ ọn nídìí? Mo pín àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sí agbo méjì. Mo kó “want”, “hope”, “decide”, “refuse” àti “promise” sí agbo tó ń gba “to”. Mo kó “enjoy”, “avoid”, “finish” àti “deny” sí agbo tó ń gba “-ing”. Títí dé ibẹ̀, kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n mo tún kó “remember” àti “forget” sí agbo “to”, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ “Remember to greet your elders” lẹ́nu àwọn tíṣà tèmi náà. Mi ò béèrè rárá bóyá ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí mo gbé kalẹ̀ lọ báyìí: “I remember ___ (lock) the door last night.” Ọmọkùnrin yìí kọ “locking”. Mo fi báírò pupa fagi lé e. Ó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ‘last night’ wà nínú gbólóhùn yẹn.” Ohun tó yẹ kí olùkọ́ dúró gbọ́ gan-an nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé “to” ni “remember” ń gba, kó lọ tún un kọ. Ó tún un kọ. Ọmọ tó máa ń gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ gbọ́ ni.

Lẹ́yìn tó parí ilé ìwé, ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní kó máa ṣọ́ sítọ́ọ̀ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ní ṣíṣí, ẹrù ti dínkù, kò sì sí ẹni tó já àgádágodo. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó jókòó, ó rántí ohun tí mo kọ́ ọ, ó wá kọ ọ́ pé: “I remember to lock the store that night.”

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun rántí dáadáa pé òun ti ilẹ̀kùn. Gbólóhùn tó kọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ka “I remember to lock”, yóò gbà pé ìṣe rẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń sọ, pé kì í gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé ó tì í ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé ńṣe ló ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró, gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n tọ́ka sí. Wọn kò sì san owó oṣù rẹ̀. Mi ò lè sọ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló lé e, nítorí ẹrù sọnù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ohun tó ní láti fi gbèjà ara rẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́ kó tó débẹ̀.

Ó mú lẹ́tà náà wá bá mi pé kí n bá òun wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì òun ti wọ́. Kò wá fẹ̀sùn kàn mí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó yẹ “remember” wò bó ṣe yẹ.

Yorùbá fúnra rẹ̀ ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, mi ò kàn fi ojú sí i ni. A máa ń sọ pé “Mo rántí láti ti ilẹ̀kùn”, a sì máa ń sọ pé “Mo rántí pé mo ti ilẹ̀kùn”. Nínú ti àkọ́kọ́, ìrántí ló ṣáájú, títì ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e. “Remember to lock” nìyẹn. Nínú ti èkejì, títì ilẹ̀kùn ti kọjá, ìrántí ló ń bọ̀ lẹ́yìn. “Remember locking” nìyẹn. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni “to” Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí èèyàn ń lọ, abájọ tí ohun tó tẹ̀ lé e níbí fi máa ń wà níwájú, tí a kò tíì ṣe é nígbà tí ìrántí dé. Nítorí náà, ìgbà tí iṣẹ́ náà ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ wá nínú ìbéèrè. “Last night” tí ọmọ náà nàka sí ni ìdáhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “forget” rí. “I forgot to pay” túmọ̀ sí pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. “I will never forget paying that money” túmọ̀ sí pé ó ti jáde lápò, ìrora rẹ̀ ni kò lọ. Inú irú gbólóhùn tó ní “never” yìí ni “-ing” ti sábà máa ń tẹ̀ lé “forget”. Ti “regret” kò yàtọ̀: “I regret to inform you” ni wọ́n fi ń ṣáájú ìròyìn burúkú tí wọ́n fẹ́ sọ, àmọ́ ẹni tó bá ní “I regret telling him” ti sọ tirẹ̀, ó wá ń kábàámọ̀.

“Stop” ló tún fi àléébù mìíràn hàn mí nínú ìwé mi. Mo ti béèrè pé: “The gateman stopped ___ (greet) us.” Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo kọ sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ló tọ̀nà. Bó bá jẹ́ “to greet”, ọkùnrin náà dúró kó lè kí wa. Bó bá jẹ́ “greeting”, kò kí wa mọ́. Ọmọ kò lè mọ èwo ni mo fẹ́, àfi kó máa méfò. Ní báyìí, mo máa ń fi ìyókù ọ̀rọ̀ kún un. Mo lè kọ ọ́ pé “The gateman stopped ___ us, so we waited for him”, kí “to greet” lè hàn kedere. Mo sì lè kọ ọ́ pé “After the quarrel, the gateman stopped ___ us for good”, kó jẹ́ pé “greeting” nìkan ló bá a mu.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n fèsì pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo san owó oṣù tó pàdánù fún un, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á. Mo wá àwọn tí mo ti kọ́ sẹ́yìn kàn, ìyẹn àwọn tí mo ṣì rí nọ́ńbà wọn, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fa ojú ìwé yẹn ya.

Nínú ìwé tuntun, “remember”, “forget”, “regret” àti “stop” ní ojú ìwé tiwọn. Mo kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ọmọ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn yìí kọjá ibi tó bá a mu. Ohun tí a bá “avoid” kò tíì ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ “-ing” ló ń gbà. Ohun tí a bá “managed” ti di ṣíṣe, síbẹ̀ “to” ló ń gbà. Irú àwọn yẹn, àkọ́sórí ni wọ́n, bí mo sì ṣe sọ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi nísinsìnyí nìyẹn.