"Ẹ Máa Lọ Ná, A Ó Pè Yín"

Bí ẹ bá ti wáṣẹ́ rí, ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ máa lọ ná, a ó pè yín." Púpọ̀ nínú wa ti jókòó ti fóònù nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan á yọjú, a ò ní gbà á, torí kí àwọn tó ní àwọn máa pè wá má baà pè nígbà tí ọwọ́ wa ti dí. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà ò sì ní ibi lọ́kàn. Ojú ń tì í láti sọ pé rárá ni.

Ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Kpata ní kí n bá òun wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ń wá akọ̀wé owó kan ṣoṣo. Èèyàn mọ́kànlá ló kọ̀wé, ó pe mẹ́ta wá ṣe ìdánwò, ó sì ti mọ ẹni tí ó fẹ́. Ó ku ìwé tí a ó kọ sí àwọn yòókù. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà máa jáde, nítorí Núpé, Haúsá, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Yorùbá ló pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá fi sọ ọ́ fún mi. Ohun tó ní kí n kọ sí ọmọbìnrin tó ṣe ipò kẹta nìyí:

"Inú wa dùn púpọ̀ sí ìwé yín. Ẹ mọ̀wé, ẹ sì níwà. Ó dùn wá pé a ò tíì lè gbà yín báyìí. Ẹ má bínú, a ti fi ìwé yín pamọ́, a ó máa pè yín bí àyè bá yọ. Ọlọ́run á ṣe é."

Ẹ tún un kà, kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ láti ọdún méjì. Lójú fóònù, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kéèyàn tó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́, ohun tí ìlà yẹn sì sọ ni pé inú wọn dùn. Ọmọ náà á ti pe ìyá rẹ̀ kó tó dé ìlà kẹta. Lẹ́yìn náà ni "a ò tíì". Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń ṣiṣẹ́ ibi jù níbẹ̀. "A ò gbà yín" ti parí. "A ò tíì gbà yín" ń sọ pé ó ku díẹ̀. "Báyìí" tún wá gbè é lẹ́yìn.

Mo bi ìyá pé níbo ni ó ń fi ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ pamọ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ti àtijọ́ wà nínú báàgì ọ̀rá kan nísàlẹ̀ tábìlì. Omi tó ya wọ Lọ́kọ́jà ní ọdún 2022 ló kó wọn lọ, kò sì sí ẹni tó wá wọn láti ìgbà náà. Ṣé ẹ rí i pé "a ti fi ìwé yín pamọ́" kì í ṣe òótọ́? Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, Òfin Ààbò Ìwífún ti Nàìjíríà, ọdún 2023, kò fẹ́ kí a di ìwífún ẹnikẹ́ni mú kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀.

Mo tún bi í pé, bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá kọ iṣẹ́ náà, ṣé ó máa pe ọmọ yìí? Ó ronú díẹ̀, ó ní rárá, òun á tún polówó iṣẹ́ ni. Nígbà náà ni mo tó mọ irú ìwé tó tọ́ sí i. Ti ẹni kejì yàtọ̀, nítorí òun ló kàn ní tòótọ́ bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀. A sọ bẹ́ẹ̀ fún un, a sì fi ọjọ́ sí i: ẹni àkọ́kọ́ ní títí di ọjọ́ Ẹtì láti dáhùn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a ó kọ̀wé sí i, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ rárá. Ìrètí tòótọ́ ni ìyẹn, ó sì ní ọjọ́ tí ó máa parí.

Ní ti ẹni kẹta, mo kọ́kọ́ kọ "a kò gbà yín" sójú ìlà àkọ́kọ́. Ìyá ní ó le jù, ó ní ó dà bí ìgbà tí a lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì sọ òótọ́. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé kí ọ̀rọ̀ dá lórí àyè, kì í ṣe lórí ọmọ náà: ẹnìkan ṣoṣo là ń wá, ẹlòmíràn la yàn. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ihò tí ìrètí lè gbà wọlé.

Ìdí ni ó gbà wá lákòókò jù. Ìyá fẹ́ kọ pé "ìrírí yín ò tó," èyí tí wọ́n máa ń kọ sí gbogbo èèyàn, tí kò sì sọ nǹkan kan. Mo ní kó mú ìwé ìdánwò wá. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ogójì páálí ẹja wà nílẹ̀, márùndínlọ́gbọ̀n wọlé, a ta méjìdínláàádọ́ta, mẹ́ta bàjẹ́; mélòó ló kù? Ọmọ náà kọ mẹ́tàdínlógún. Kò yọ mẹ́ta tó bàjẹ́. Mẹ́rìnlá ló kù. Nínú iṣẹ́ ẹja, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń sọnù, ohun tí ìyá sì fi yàn nìyẹn. Ìdí tó ṣeé fi ìwé hàn kì í dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ìwé tó jáde nìyí:

"Ẹnìkan ṣoṣo là ń wá sí iṣẹ́ akọ̀wé owó, ẹlòmíràn la sì yàn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ sì dúró títí ó fi parí. Ìṣirò owó yín pé. Ìṣirò ẹrù la fi yàn: ẹ kò yọ páálí tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìwé ìdánwò yín, a ó fi hàn yín. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá gbà á láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀dà yòókù, a ó fà wọ́n ya. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà tó dára fún yín níbòmíràn."

Àdúrà yẹn, ìyá ló ní kí ó wà níbẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi "níbòmíràn" kún un, nítorí "Ọlọ́run á ṣe é" lẹ́nu ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ń dún bí ìlérí. Àwọn mẹ́jọ tí a ò pè fún ìdánwò gba ìlà méjì péré: a ti yan èèyàn, àwọn tó ti ka ẹrù ọjà rí nìkan la pè. Ó tó wọn.

Ọmọ náà wá ní ọjọ́ kejì láti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìdánwò náà. Ó wò ó, ó ní, "Mẹ́ta yìí náà ni, Mà?" Ìyá ní, "Mẹ́ta yẹn náà ni, ọmọ mi." Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pe ilé ẹ̀kọ́ kan ní Felele tó ti ń dúró de èsì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.