Kókó Tó So Okùn Méjì

Olùkọ́ fisíìsì ni mí. Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ni ní ìgbì jogún lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa: bí a bá so okùn fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn tó wúwo, tí a fà wọ́n le, tí a sì rán ìgbì kan gba orí èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, èló nínú rẹ̀ ni yóò kọjá kókó, èló ni yóò sì padà?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìdáhùn rẹ̀ ti ń bọ̀. Ní 1636, Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé bí gígùn okùn, ìwúwo rẹ̀ àti bí a ṣe fà á le tó ṣe ń pinnu ohùn rẹ̀. Ní 1747, d'Alembert, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, gbé ìṣirò kalẹ̀ lórí bí ìgbì ṣe ń rìn lórí okùn. Ìyára ìgbì yìí ni v = √(T/μ). T ni agbára tí a fi fa okùn, μ sì ni ìwúwo mítà kan rẹ̀. Okùn tó wúwo a máa dín ìyára ìgbì kù.

Òfin méjì ló ń ṣàkóso kókó. Èkínní ni pé okùn kò já, nítorí náà ibi tí orí okùn kan bá ga dé níbẹ̀ ni ti èkejì ga dé. Èkejì ni pé okùn kò gbọdọ̀ ṣẹ́ igun níbi kókó tó fúyẹ́, torí pé bí ó bá ṣẹ́ igun, ìfà apá kan yóò borí ti èkejì, kókó yóò sì sáré lọ lójú ẹsẹ̀ títí igun náà yóò fi tẹ́jú. Bí μ₁ bá jẹ́ ti okùn tí ìgbì ti ń bọ̀, tí μ₂ sì jẹ́ ti èyí tó ń kọjá sí, láti inú òfin méjèèjì ni ìdá gíga ìgbì tó padà (r) àti èyí tó kọjá (t) ti jáde:

r = (√μ₁ − √μ₂)/(√μ₁ + √μ₂)
t = 2√μ₁/(√μ₁ + √μ₂)

Ẹ jẹ́ ká fi okùn tó wúwo gíráàmù 10 ní mítà kan so mọ́ èyí tó wúwo gíráàmù 40, ká sì fi níútìn 4 fà wọ́n. Ìgbì yóò sáré mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ti àkọ́kọ́, mítà 10 péré lórí èkejì. Bí ìgbì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 9 bá gba orí okùn fẹ́ẹ́rẹ́ dé kókó, sẹ̀ǹtímítà 6 ni yóò kọjá. Sẹ̀ǹtímítà 3 yóò padà, ṣùgbọ́n yóò dorí kodò.

Tí a bá wá rán ìgbì kan náà láti orí okùn tó wúwo, sẹ̀ǹtímítà 3 yóò padà láìdorí kodò, sẹ̀ǹtímítà 12 yóò sì kọjá. Níbí ni àwọn ọmọ ti máa ń pariwo pé ìgbì ti bí sí i. Gíga ló pọ̀, agbára kò pọ̀. Nítorí pé okùn fẹ́ẹ́rẹ́ fúyẹ́, ìlàjì agbára tí okùn tó wúwo ń gbà ló ń gbà fún ìgbì tó ga bákan náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìdá 8 nínú 9 agbára ló kọjá, ìdá 1 ló padà. Iye kan náà ni ti àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi kọ́ èmi ní gbogbo èyí, nítorí pé ojú kò lè tọ ìgbì tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti wá ọ̀nà sí i. Ìwé fisíìsì tí àwọn onímọ̀ tó kóra jọ ní MIT ní Amẹ́ríkà láti 1956 tẹ̀ jáde ní 1960 lo fọ́tò ìgbì lórí sipiríǹgì. John Shive ní ilé ìwádìí Bell to ọ̀pá irin gbọọrọ sórí wáyà kan, ìgbì sì ń rọra rìn lórí rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn nínú fíìmù ní 1959. Lónìí, fóònù tó ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń lò. Lórí okùn fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìgbì kì í rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ láti àwòrán kan sí èkejì, a sì lè fi rúlà wọn gíga rẹ̀ lójú fóònù.

Ohun tó sábà ń ba àbájáde jẹ́ ni kókó fúnra rẹ̀. Bí ó bá tóbi, òun náà yóò máa dá ìgbì padà, òfin kejì kò sì ní dúró mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́kọ́ gé okùn kan náà sí méjì, kí ẹ sì fi irú kókó tí ẹ fẹ́ lò so ó padà. Bí ìgbì kankan bá padà láti ibẹ̀, kókó ló dá a padà. Ẹ dín in kù kí ẹ tó so okùn tó wúwo mọ́ ọn.