Àádọ́rùn-ún Ìṣẹ́jú-àáyá

Méjì nínú àwọn ọmọ tí a ti kọ́ rí ní Kétu mú ìwé kan tọ̀ wá wá. Wọ́n ti kan àpótí onígíláàsì tí oòrùn fi ń gbẹ tòmátì, wọ́n sì ń wá owó láti mú iṣẹ́ náà gbòòrò. Àwọn tí yóò fún wọn lówó ń fẹ́ fídíò tí kò gbọdọ̀ ju 90 ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

A ka ìwé náà sókè, a fi aago wò ó: ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀bi tiwa ni. Àwa ni a kọ́ wọn pé ìfáárà gbọ́dọ̀ gùn kí a tó dé orí ọ̀rọ̀. Ìkíni nìkan ti jẹ 40 ìṣẹ́jú-àáyá.

A gé ìkíni kúrò, a sì pín àkókò sí mẹ́rin: 20 fún ìṣòro, 25 fún ojútùú, 25 fún ẹ̀rí, 20 fún ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Fún ìṣòro, ẹnìkan ṣoṣo tó: ìyá kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá lọ sí ọjà, kí ọjà tó tú, mẹ́ta ti rà. Fún ojútùú, a ní kí wọ́n ṣí àpótí náà kí ojú rí i: afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, oòrùn ń mú un gbóná, ó ń gbé omi tòmátì jáde lókè.

Ẹ̀rí ni ó le jù. Wọ́n ti kọ ọ́ pé, “Gbogbo ènìyàn fẹ́ràn iṣẹ́ wa.” A bi wọ́n pé, “Ta ni ó sanwó?” Wọ́n ṣí ìwé ìṣirò wọn: obìnrin 14 ti gbé tòmátì wá, 9 padà wá, wọ́n sì tún sanwó. Wọ́n fẹ́ fi àwọn 5 yòókù pamọ́. A ní kí wọ́n lọ bi wọ́n léèrè. Mẹ́rin wí pé ibẹ̀ jìn sí ọjà.

Ìdáhùn yìí ni ó tún ìbéèrè wọn ṣe. “Ẹ ràn wá lọ́wọ́” di “A ń wá 600,000 sẹfà láti kan àpótí méjì sí ẹ̀bá ọjà, kí obìnrin 30 lè máa lò ó láàárín oṣù mẹ́fà.” Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ iye tí òun yóò san, ó mọ ohun tí owó náà yóò ṣe, ó sì mọ ìgbà tí òun lè padà wá wò ó.

Kí wọ́n tó fi fídíò náà ránṣẹ́, a fi han ìyá onírẹsì tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A bi í pé kí ni àwọn ọmọ náà ń fẹ́. Ó ní, “Wọ́n ń wá 600,000 láti gbé àpótí wọn sún mọ́ ọjà, nítorí ọ̀nà jìn.” A kò tún fi ọwọ́ kan ìwé náà mọ́.