Kí O Tó Fi Iye Sí Ìwé Tẹ́ńdà

Àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn tó ń du iṣẹ́ ìjọba, àṣà wọn sì ń yí bí ọdún ṣe ń yí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan kò fi wọ́n sílẹ̀: wọn kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣírò owó láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú kò ní fẹ́ kọ lẹ́tà ojú ewé kan nípa ohun tí ìwé kò là yé e, ó ní àwọn tí àwọn jọ ń du ú yóò rí ọgbọ́n òun. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Wo tábìlì ilé ẹ̀kọ́. Ká ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ń wá 600 tábìlì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ìwé sì wí pé kí ó jẹ́ pákó líle oníńṣì kan, kí a kó o dé ibi tí wọ́n bá júwe. Lójú ẹni tí kì í ṣe káfíńtà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n là ní íńṣì kan, bí ìfági bá fá a lójú méjèèjì tán, ó lè má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì lọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn fífá ni wọ́n fẹ́ íńṣì kan, pákó tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lo máa rà, owó rẹ̀ á sì lé. Ibi tí wọ́n bá júwe ńkọ́? Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìbàdàn ni, tàbí ogún ilé ẹ̀kọ́ láti Ṣakí dé Kìṣí, ọgbọ̀n tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀, owó àwọn tó ń já ẹrù àti ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́? Bí o bá fojú bu iye, tó o fi kún un, o lè pàdánù iṣẹ́. Bí o bá dín in, o gba iṣẹ́, o sì jẹ gbèsè.

Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ìbéèrè ní ọ̀nà tirẹ̀. Má pe ẹnì kan tó o mọ̀ nínú ọ́fíìsì lórí fóònù; ohun tó bá sọ fún ọ kò dè wọ́n. Kọ̀wé sí ẹni tí ìwé tẹ́ńdà dárúkọ, kí ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìbéèrè tó kọjá. Tọ́ka sí ojú ewé, da ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe wà, sọ ìtumọ̀ méjèèjì tó lè ní, kí o sì béèrè èwo ni wọ́n ń fẹ́. Má dárúkọ iye tìrẹ.

Òfin ọdún 2007 tó ń darí irú iṣẹ́ yìí fún ìjọba àpapọ̀ ní kí ìkéde ṣáájú ọjọ́ ìparí ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àyè wà, àmọ́ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé wò. Bí ìdáhùn bá dé, gbogbo ẹni tó gba ìwé ló máa ń rí i, wọn kì í sì í sọ ẹni tó béèrè. Tí ó bá ti yí ìwé padà, buwọ́ lu àfikún náà, kí o fi sínú tìrẹ. Tí kò bá tètè dé, tún kọ̀wé, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Kìkì kí o má kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé iye yìí dúró bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn nìkan, nítorí wọ́n lè torí “bí” yẹn ti ìwé rẹ dànù.